Ta Ló Ni Ìwé Náà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan dá mi dúró lẹ́yìn ìrun Aláásárì níwájú mọ́ṣáláṣí ní Ayétòrò-Èkìtì níbí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ilé ẹ̀kọ́ kan sì ti gbà á síṣẹ́. Wọ́n sọ fún ọmọ náà pé olùkọ́ àgbà kan ni yóò máa mójú tó o fún ọdún kan gbáko. Bàbá náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ústáàsì, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ máa ṣọ́ ọmọ mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò lè dá a lóhùn lórí ìdúró. Ìdí ni pé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi náà ni olùkọ́ àgbà tí wọ́n fà olùkọ́ tuntun kan lé lọ́wọ́. Ohun tí bàbá yìí ń bẹ̀rù gan-an ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro ó fún yín bó ṣe rí, tó fi mọ́ ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe.

Mádírásà tí mo ń sọ yìí kò jìnnà sí wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún kọkànlá mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a wọlé ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí Mùdíìrù pè mí, ó fi ọ̀dọ́kùnrin kan hàn mí. Ó ti ṣe tánáwì, ó sì ti lo ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Èdè Lárúbáwá rẹ̀ dán mọ́rán ju tèmi lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀. Mùdíìrù ní kí n mú un dání fún ọdún kan. Kò sí ìwé, kò sí àlàyé. "Ẹ mú un dání," ó parí.

Ohun tí mo gbọ́ nínú gbólóhùn yẹn ni ohun tí ojú mi ti rí ní kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ kéwú láyé àtijọ́ yóò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá ti lọ jìnnà díẹ̀ nínú Kùránì ni àfáà máa ń ní kó kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe álífù. Èmi náà kọ́ àwọn àbúrò mi bẹ́ẹ̀, wàláà ní itan. Àfáà wa yóò jókòó lórí awọ àgùntàn rẹ̀, yóò dijú bí ẹni tó ń tòògbé. Bí mo bá ṣì í pè báyìí, ohùn rẹ̀ á ti dé: "Padà sẹ́yìn!" Gbogbo ilé kéwú ló máa ń gbọ́ ọ. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, àwọn tí mo ń kọ́ kò sì retí pé kí n jẹ́ olùkọ́ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà kìíní, mo wọ kíláàsì ọ̀dọ́kùnrin yìí láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn. Ìbítídáì ọdún kejì ni, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sójú pátákó, ó ń kà, àwọn ọmọ ń gbè é. Ó dé orí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òróró, zaytu, ó sì kà á ní "saytu." Gbogbo àwa ọmọ Yorùbá la mọ ìṣòro yìí, nítorí ìró záyì kò sí nínú èdè wa, ahọ́n wa a máa sáré lọ bá síìnì. Kí n tó rò ó, mo ti pariwo láti ẹ̀yìn: "Ústáàsì, zay ni, kì í ṣe say!"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti sọ ọ́ ní "Ústáàsì Say." Ariwo kíláàsì náà di ìlọ́po méjì. Tí òun náà bá rí mi ní ọ̀nà, yóò kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò sì yà gba ibòmíràn. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Mùdíìrù pè mí, ó ní ọ̀dọ́kùnrin náà ti wá bá òun, pé òun fẹ́ padà sílé, ẹ̀gbọ́n òun ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò lẹ́nu iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́ta kọ́.

Mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Ohun tí mo tún un ṣe tọ̀nà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ mo gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ, mi ò sì lè dá a padà fún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo pe olùkọ́ mi àtijọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí fóònù. Mo rò pé yóò bá mi wí. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Nígbà tó o wọ kíláàsì rẹ̀, o mú bírò àti ìwé dání. Ta ló ni ìwé náà?" Mo ní èmi ni mo ni ín. Ó ní, "Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Kò mọ ẹni tí o máa kà á fún."

Ó wá rán mi létí ìtàn kan tí gbogbo wa ti gbọ́ rí, èyí tí wọ́n gbà wá nípa Imáámù Àbú Hánífà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Hámmádù ọmọ Abú Sulaymáánù, ní Kúfà, ọkàn rẹ̀ sì ti ń sọ fún un pé kó lọ dá àwùjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Lójijì, ẹbí Hámmádù kan kú ní Básírà, olùkọ́ náà sì ní láti lọ, ó ní kí Àbú Hánífà jókòó sí ààyè òun. Oṣù méjì ni Hámmádù lò lọ́hùn-ún. Àwọn ènìyàn bi Àbú Hánífà ní ọgọ́ta ìbéèrè tí kò gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ rí. Ó dáhùn, ó sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ dé, ó kó ìwé náà fún un. Hámmádù fara mọ́ ogójì, ó yàtọ̀ sí i nínú ogún. Àbú Hánífà búra pé òun kò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi kú, ọdún méjìdínlógún ló sì lò lọ́dọ̀ rẹ̀ lápapọ̀.

A sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ ní ìrẹ̀lẹ̀. Olùkọ́ mi ní kí n wo nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Hámmádù kò sí níbẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń dáhùn, kò sì sí ẹni tó dá a lẹ́kun lójú àwùjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ogún àṣìṣe nínú ọgọ́ta kò kéré, síbẹ̀ kò sá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá ọ̀dọ́kùnrin náà kí àwọn ọmọ tó dé, mo tọrọ àforíjì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní sáà kan péré, kí á kọ àdéhùn sílẹ̀, kí á sì gbé e lọ bá Mùdíìrù. Ó rò ó títí di ọ̀sán kó tó gbà.

Àdéhùn náà kò ju ojú ìwé kan lọ. A kọ ọ́ pé mi ò ní wọ kíláàsì rẹ̀ láìjẹ́ pé a jọ dájọ́, mi ò sì ní la ẹnu mi nínú kíláàsì náà àfi tí iná bá ń jó. Ohun kan ṣoṣo ni n ó máa wò lẹ́ẹ̀kan, òun ni yóò sì sọ ohun tí n ó wò. Ìwé tí mo bá kọ, tirẹ̀ ni: tí a bá ti sọ̀rọ̀ tán, yóò gbé e lọ, mi ò ní tọ́jú ẹ̀dà. Mùdíìrù kò ní bi mí bí olùkọ́ náà ṣe ń ṣe. Tó bá fẹ́ mọ̀, kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Eléyìí ló le jù fún Mùdíìrù láti fọwọ́ sí. Ó ní, "Kí ni mo wá ń fi yín ṣe?" Mo ní, "Ṣéù, bó bá mọ̀ pé mò ń jíṣẹ́ fún yín, ohun tó dára nìkan ni yóò máa fi hàn mí, èyí tí kò dára kò sì ní ní àtúnṣe."

A tún tọrọ àkókò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1999 ni òfin ti ní kí olùkọ́ tuntun ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á fi mú un dání, wọ́n sì ń dín ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ kó lè ráyè kọ́ṣẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n ti sọ ọ́ di ọdún méjì. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò lówó tí ó lè fi gba olùkọ́ mìíràn dípò rẹ̀. Àmọ́ píríọ́dù mẹ́rìnlélógún ni ọ̀dọ́kùnrin yìí ní lọ́sẹ̀. Mùdíìrù gba méjì kúrò, ó gbé ọ̀kan fún mi, ó kó ọ̀kan pọ̀ mọ́ ti kíláàsì mìíràn. Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àìlá, ogójì ìṣẹ́jú, di tiwa. Mo rí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ ètò tó dára jù èyí lọ, tí kò sì yọ píríọ́dù kan ṣoṣo. Kó tó di oṣù kọkànlá, ètò náà ti kú.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èmi kọ́ ni mo lọ sí kíláàsì rẹ̀. Òun ló wá jókòó sí tèmi. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí i pé ṣọ́ọ̀kì máa ń bọ́ lọ́wọ́ tèmi náà, pé àwọn ọmọ kan máa ń sùn nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń lọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbẹ̀wò kan ṣoṣo, ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ lè rí bí nǹkan náà ṣe ń lọ.

A kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bi í pé, "Ústáàsì, kí ni kí n wò?" Ó ní ariwo. Mo ní ariwo gbòòrò jù, ìgbà wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀? Ó ronú, ó ní, "Tí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè." A fẹnu kò pé ìbéèrè rẹ̀ nìkan ni n ó wò. Mi ò ní wo ìmúra ẹ̀kọ́ rẹ̀, mi ò ní wo bó ṣe kọ̀wé sójú pátákó, bó bá tún pe záyì ní síìnì n ó dákẹ́.

Mo ya àwòrán ìjókòó àwọn ọmọ sínú ìwé, àpótí kékeré mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí ọmọ kan bá dá nìkan dáhùn, n ó fa ìlà kan sínú àpótí rẹ̀. Bí gbogbo kíláàsì bá gbè é pọ̀, n ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bí olùkọ́ bá dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀, n ó fa ìlà sísàlẹ̀. Ohun gbogbo tí mo ṣe fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni bí álífù ṣe ń fa ohùn gùn: kataba, ó kọ̀wé, kaataba, ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹnìkan.

Nígbà tí a jókòó ní Ọjọ́rú, mo tẹ ìwé náà síwájú rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan ju pé, "Kí ni ẹ rí?" Ibi tó nira fún mi jù nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹnu ń yún mi. Ó ka àwọn ìlà: ìbéèrè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Gbogbo kíláàsì gbe méjìlá, òun fúnra rẹ̀ dáhùn méje, ọmọ dá nìkan dáhùn mẹ́jọ. Ó wo àwọn àpótí, ó rí i pé ọmọ márùn-ún péré ló pín mẹ́jọ náà, gbogbo wọn sì wà ní ìlà iwájú. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Àwọn tó wà lẹ́yìn kò sí nínú kíláàsì mi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe tiwọn."

Ká ní èmi ni mo sọ gbólóhùn yẹn, ìbáwí ni ì bá jẹ́.

Ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe. Mo sọ fún un nípa obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, tó fi ọdún púpọ̀ gbọ́ ohùn olùkọ́ àti ọmọ nínú kíláàsì, tó sì tẹ ohun tó rí jáde ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé lẹ́yìn tí olùkọ́ bá bi ìbéèrè, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan ló máa ń dúró kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ bá fà á dé mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. A mú nǹkan kan náà péré fún ọ̀sẹ̀ méjì: kó bi ìbéèrè, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ̀, kó tó dárúkọ ọmọ. Kó má dárúkọ ṣáájú ìbéèrè, nítorí bó bá ti ní "Láwàlì," àwọn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yòókù ti sinmi.

Kò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá dákẹ́, àwọn ọmọ á rò pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń yára jù lọ á pariwo ìdáhùn jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí gbogbo wọn mú wàláà wọn, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí òun bá pè, kí wọ́n sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdákẹ́ wá ní iṣẹ́ nínú. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ní ìbẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè rẹ̀ ti dín sí mẹ́rìnlá, ọmọ dá nìkan dáhùn mọ́kànlá nínú wọn, ọmọ mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjì sì wá láti ìlà ẹ̀yìn pátápátá.

Àmọ́ wàláà náà tú àṣírí kan. Àwọn ọmọ tó ń gbe kataba, kaataba bí orin, tí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ ọ́, wọn ò mọ èyí tó ní álífù. Ó wá dán nǹkan kan wò. Ó ní kí wọ́n ka ojú ìwé tí wọ́n ti "mọ̀," kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kà fún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Nínú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlá ló lè kà á. Àwọn yòókù ti há ojú ìwé náà sórí, ojú wọn kò sí lára lẹ́tà. Ẹ̀yin òbí, ẹ lè dán an wò nílé lálẹ́ òní: ẹ fi ọwọ́ bo ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ ka ọ̀rọ̀ kan láàárín.

Ìdààmú ńlá ni mẹ́tàlá yẹn jẹ́ fún un. Ó bọ́ sí ìgbà tí a ń ṣe ìdánwò ìparí sáà, tí a ń máàkì, tí a ń kọ àbọ̀ fún àwọn òbí. Nígbà tí a padà dé ní oṣù kìíní, ó ti rù, kò kọ nóòtì ẹ̀kọ́ mọ́, ó ń wọ kíláàsì pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ nìkan. Obìnrin kan tó ti tọ́ àwọn olùkọ́ tuntun sọ́nà ní Kalifọ́níà, Ellen Moir, ti ṣàpèjúwe irú àkókò yìí: ọdún àkọ́kọ́ kì í gòkè tààrà, ìtara a máa lọ sílẹ̀ láàárín rẹ̀, ìgbà tí ó sì lọ sílẹ̀ jù ni ènìyàn máa ń rò pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tòun. Ká ní mo mú ìwé àpótí mi lọ sí kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ibi ṣọ́ọ̀bù fóònù ni ì bá gbà lọ.

Mo fagi lé ìbẹ̀wò méjì. Dípò rẹ̀, Ọjọ́rú méjì la fi jókòó, tí a jọ kọ nóòtì ọ̀sẹ̀ kan tán pátápátá, èmi ń kọ tèmi, òun ń kọ tirẹ̀. Mo kó àwọn nóòtì mi ti ọdún tó ti kọjá fún un. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú lórí ọmọ mọ́kànlélógún lẹ́ẹ̀kan náà. Kó mú márùn-ún, kó máa gbọ́ kíkà wọn fún ìṣẹ́jú méjì-méjì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn yẹn bá ti mọ̀ ọ́n, kó mú márùn-ún mìíràn. Àwọn kan yóò sọ pé mo gbé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìdánwò àdéhùn wa gan-an dé ní ìparí sáà kejì. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò já geere, Mùdíìrù sì ní láti pinnu ẹni tí yóò dúró. Ó pè mí, ó ní, "Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ nípa ọmọ yẹn wá." Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí àgbà bá ń wo ènìyàn lójú. Mo mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀, n ó sì ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ bí mo bá sọ rere lónìí, bí mo bá dákẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ lórí ẹlòmíràn, ìdákẹ́ mi ti di ẹ̀sùn. Mo ní, "Ṣéù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ wá wò ó fúnra yín." Inú rẹ̀ kò dùn sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó lọ wò ó. Lẹ́yìn kíláàsì, ó sọ fún ọ̀dọ́kùnrin náà pé ariwo ṣì pọ̀ jù. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò jiyàn. Ó lọ sínú àpò rẹ̀, ó gbé ìwé náà jáde fúnra rẹ̀, ó ṣí ojú ewé tí ó kọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ka ojú ìwé láti ìsàlẹ̀ sókè fún un. Ó ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Ó ní àwọn mẹ́jọ tó kù nìyí, ohun tí mò ń ṣe lórí wọn nìyí. Mùdíìrù ka ìwé náà látòkèdélẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ síṣẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ariwo náà títí di òní.

Ìdáhùn tí mo padà fún bàbá ọjọ́sí ní ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ fi ọ̀wọ̀ bi ilé ẹ̀kọ́ náà ní nǹkan méjì kó tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ni ìwé tí olùkọ́ àgbà yóò máa kọ, àti pé píríọ́dù mélòó ni wọ́n yọ fún àwọn méjèèjì. Ó ní bí wọ́n bá ní kò sí píríọ́dù kankan ńkọ́? Mo ní kó tọrọ ọ̀kan.

Sáà kẹta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbẹ̀wò kan péré ni mo ṣe, òun ló pè mí. Ó lọ wo kíláàsì àwọn olùkọ́ méjì mìíràn, ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ ìṣirò. Ní oṣù keje, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tilẹ̀kùn, ó wá bá mi, ó ní òun fẹ́ wá jókòó sí kíláàsì ìdáàdì mi. Ó bi mí pé, "Ústáàsì, kí ni kí n wò?" Mo ní kó wo ìbéèrè mi, torí ó dá mi lójú pé ibẹ̀ dára.

Ní Ọjọ́rú, ó tẹ ìwé síwájú mi, ó dákẹ́. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìlà wà nínú mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí mo máa ń dúró sí nítorí afẹ́fẹ́. Nínú ọdún kọkànlá tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ká ìwé náà, mo fẹ́ dá a padà fún un. Ó ní, "Rárá o, Ústáàsì. Tiyín ni."